Bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ alága di lẹ́tà sí olùrajà nígbà tí àgbàdo kò tíì pé, tí ọjọ́ sì ti sún mọ́

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Mo kí gbogbo ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní agbègbè Àjàṣẹ́-Ìpo. Alága wa mọ iṣẹ́ oko dénú, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ó ti máa ń bá àwọn olùrajà sọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣe wá sí i lẹ́nu ni ó ṣe ń fi í ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Ìlọrin tí ó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ wa ti wá sọ pé àwọn kò ní gba irú rẹ̀ mọ́, pé ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ iye ọjà àti ọjọ́ tí yóò dé gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà tí a fọwọ́ sí. Alága ní kí n máa sọ ọ̀rọ̀ òun di lẹ́tà. Àpò 300 ni wọ́n béèrè, 100 kílò nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ọ̀rinrin rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 13 nínú 100 lọ. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni a dá fún wọn, òní sì ni ọjọ́ 12.

Ohun tí alága fi ránṣẹ́ sí mi nìyí:

«Bá mi sọ fún wọn pé wọ́n kú iṣẹ́ o. Àgbàdo wọn ti wà nílẹ̀, bí àpò 300 náà ló máa jẹ́. Òjò ni ò jẹ́ ká rí i sá dáadáa, ọ̀nà oko náà ò sì ṣeé gbà. Kí wọ́n fọkàn balẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n máa rí wa, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí wọ́n má bínú.»

Ohun tí mo kọ nìyí:

«A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ fún yín pé àpò àgbàdo 300 tí ẹ béèrè ti wà ní ìkáwọ́ wa, a ó sì kó o dé ọ̀dọ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A bẹ̀ yín kí ẹ forí jì wá fún ìdádúró tí òjò fà.»

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Tíṣà Omù-Àrán

Èdè rẹ mọ́, mo kí ọ. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́tà náà kò ní orí. Ẹni tí ó bá gbà á ní ọ́fíìsì lè ní lẹ́tà ogún níwájú rẹ̀, nítorí náà kọ déètì sókè, kọ ipò ẹni tí o ń kọ ọ́ sí, kí o sì fi àkọlé kan sórí rẹ̀ tí yóò dárúkọ ọjà, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ jọ ṣe àdéhùn rẹ̀. Nípa «bí Ọlọ́run bá fẹ́» tí alága sọ, ó dára bí o ṣe yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú, ṣùgbọ́n olùrajà lè rò pé ọjọ́ kò dá yín lójú ni ẹ ṣe fi í síbẹ̀.

Olùrajà Àtijọ́

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹ̀ka ìrajà ilé iṣẹ́ tí ń lọ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, mo sì ti ka irú lẹ́tà yìí púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, Akọ̀wé, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́. Ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ìlérí tí alága yín kò ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Alága ní «bí àpò 300 náà ló máa jẹ́», èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń fojú wọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀yin kọ pé àpò 300 «ti wà ní ìkáwọ́ wa». Alága ní òjò kò jẹ́ kí àwọn rí i sá dáadáa, ìyẹn ni pé àgbàdo tútù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin fi òjò ṣe ìdí fún ìdádúró nìkan, ọ̀rọ̀ pé kò gbẹ sì ti pòórá. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, tí àpò 250 wá dé ẹnu géètì, ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò ní rántí pé òjò rọ̀. Lẹ́tà yín ni yóò yọ jáde.

Ewu tí ó wà nínú títún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ nìyẹn. Bí a bá ti ń wá gbólóhùn tí yóò gún régé, a máa ń gé gbogbo ibi tí olọ́rọ̀ ti ṣe iyèméjì dànù, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ó ti ṣe iyèméjì gan-an ni olùrajà nílò láti mọ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn, ẹ pe alága àti ẹni tí ó ń mójú tó ilé ìkẹ́rù yín, kí ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta. Àpò mélòó ni a ti gbé sórí òṣùwọ̀n, tí ó sì ti gbẹ? Àpò mélòó ni a ti yin, ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ? Mélòó ni ó ṣì wà lára ṣùkù, yálà ní abà tàbí lórí igi rẹ̀ nínú oko? Ẹ má gba iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Kò pọn dandan kí wọ́n ní ẹ̀rọ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Kí wọ́n bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tí ó gbẹ, kí wọ́n da iyọ̀ gbígbẹ sí i, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Bí kò bá lẹ̀, ó ti gbẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀rinrin rẹ̀ kò ju 13 lọ. Nípa ti àpò tí kò bá pé, kí wọ́n sọ pé òjò ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti pe àwọn méjèèjì, mo sì ti dé ilé ìkẹ́rù fúnra mi. Àpò 120 ni ó ti gbẹ, a ti wọ̀n ọ́n, a ti rán ẹnu rẹ̀, orí pákó ni ó sì wà, kò fara kan ilẹ̀. Àpò 100 mìíràn ti kúrò lára ṣùkù, ṣùgbọ́n orí tapólì ni ó wà: wọ́n ń tẹ́ ẹ bí oòrùn bá yọ, wọ́n sì ń sáré kó o jọ bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin wá. Àpò 120 náà fi 13 hàn, èyí tí ó wà lórí tapólì fi 20 hàn. Ìyókù, tí alága fojú wọ̀n ní àpò 80, ṣì wà lára ṣùkù nínú oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọkọ̀ kò sì rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ méjì nínú wọn. Bí mo ṣe rò ó, 120 àti 100 àti 80 jẹ́ 300. Ṣé kì í ṣe ọjọ́ nìkan ni ó wá kù tí a ní í bá wọn sọ?

Olùrajà Àtijọ́

Rárá, iye náà kò pé 300, òjò kọ́ ni yóò sì dín in kù. Omi inú àgbàdo ni. Ẹ wo àpò kan nínú 100 tí ó wà lórí tapólì. Nínú 100 kílò rẹ̀, 20 jẹ́ omi, 80 sì jẹ́ ohun tí yóò kù bí a bá gbé gbogbo omi kúrò. 80 kílò yẹn kì í dín kù bí ẹ bá ń sá a, omi nìkan ni ó ń lọ. Nígbà tí ọ̀rinrin bá wá di 13, 80 kílò náà ni yóò dúró fún 87 nínú 100. Ẹ pín 80 sí ọ̀nà 87, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, ẹ ó rí kílò 92, ó dín díẹ̀. Àpò 100 tí ẹ ń wò yẹn yóò di 92 bí ó bá gbẹ, kí a tó yọ èyí tí ó fọ́ àti ìdọ̀tí. Bí 80 ti inú oko bá ní ọ̀rinrin 20 bákan náà, yóò di nǹkan bí 73, ó sì ṣeé ṣe kí tirẹ̀ ju 20 lọ nítorí pé kò tíì kúrò nínú oko. Ẹ ro ó pọ̀: 120, 92, 73. Ó jẹ́ 285. Iye tí ó pọ̀ jù tí ẹ lè retí nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀fà, ọ̀nà iyọ̀ tí ẹ sọ dára, àwọn àgbẹ̀ ń lò ó, mo sì fara mọ́ ọn fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ṣì máa sá àgbàdo. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 15 ni ibi tí iyọ̀ náà ti ń yí padà. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ohun tí ó sọ ni pé ọ̀rinrin kò ju nǹkan bí 15 lọ. Kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín 13 àti 14 àbọ̀ hàn. Ẹni tí ó bá kọ 13 sínú lẹ́tà nítorí iyọ̀ ti kọ ohun tí kò mọ̀, ilé iṣẹ́ náà yóò sì fi ẹ̀rọ tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹnu géètì. Ẹ kọ iye tí ẹ̀rọ sọ àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Nípa pé kí a di gbogbo rẹ̀ ru òjò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ni olùrajà wà, òjò tí ó ń rọ̀ ní Àjàṣẹ́ ń rọ̀ sí i lórí, ó sì mọ̀ pé inú òjò ni a máa ń ya àgbàdo àkọ́kọ́ ọdún. Òjò jẹ́ ìdí fún ọjọ́ tí ó yẹ̀, kì í ṣe ìdí fún àpò 15 tí kò sí. Ẹ ya ìdí méjèèjì sọ́tọ̀ nínú lẹ́tà. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí ó bá ṣàlàyé ìdí kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ ni mo máa ń gbà gbọ́ nígbà mìíràn.

Ìyá Ìpàta

Èmi ń ta àgbàdo lọ́jà Ìpàta. Ẹ jẹ́ kí n bi Akọ̀wé léèrè: irú àpò wo ni ẹ ń sọ? Ní ọ̀dọ̀ wa, kóńgò ni a fi ń wọn ọjà, àpò tí wọ́n rán tí ó ga lókè kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n so lọ́rùn. Mo ti ra àpò láti oko rí tí a bu kóńgò rẹ̀ tí kò pé. Bí ẹ bá kọ «àpò» lásán, ohun tí ó wà lọ́kàn yín lè yàtọ̀ sí ti ẹni tí yóò gbà á. Ẹ kọ kílò tẹ̀ lé e ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti kọ àpò.

Ẹ̀gẹ́ Ìgbàjà

Mo kí yín o. Èmi náà ní irú ìṣòro yìí pẹ̀lú àwọn tí ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wa fún gaàrí. Ọkọ̀ wọn kò dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá, a sì ti hú u. Irú lẹ́tà wo ni kí n kọ kí wọ́n lè san owó ohun tí ó bàjẹ́?

Olùrajà Àtijọ́

Ẹ̀gẹ́ Ìgbàjà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, nítorí pé olùrajà ni ó yẹ àdéhùn níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú. Lẹ́tà tiyín ni ó yẹ kí ó ṣáájú húhú: kí ẹ sọ pé ẹ kò ní hú u títí wọn yóò fi fún yín ní ìdánilójú ọkọ̀, nítorí pé inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ lè dúró sí. Nípa owó èyí tí ó ti bàjẹ́, ó di ohun tí ìwé àdéhùn yín bá sọ. Ẹ ya ojú ewé tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí a lè bá yín dá sí i níbẹ̀.

Akọ̀wé, mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́. Ẹ kà á fún alága ní ẹ̀ẹ̀kan kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ tó gbogbo ọjọ́ tí mo kọ:

«Ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìrajà,

ÀGBÀDO ÀPÒ 300 (100 KÍLÒ LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN) FÚN ỌJỌ́ 20 OṢÙ KẸJỌ: IYE TÍ Ó WÀ NÍLẸ̀ ÀTI ÌYÍPADÀ ỌJỌ́

A kí yín, ẹ kú iṣẹ́. A ń kọ̀wé yìí kí ọjọ́ àdéhùn tó pé, kí ẹ lè mọ ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín àti ìgbà tí yóò dé.

Ní òní, àpò 120 ni ó ti gbẹ, tí a sì ti wọ̀n. Ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 13 nínú 100 nígbà tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní òní kan náà. A ó kó àpò 120 yìí dé ọ̀dọ̀ yín ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ.

Àpò 100 mìíràn ni a ti yin, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin rẹ̀ ṣì jẹ́ 20. A ń sá a lọ́wọ́, òjò sì ń dá wa dúró. A retí pé yóò ku àpò 90 lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, tí a sì ti ṣa á, a ó sì kó o wá ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ. Bí ó bá di ọjọ́ 26 tí ọ̀rinrin rẹ̀ kò tíì dé 13, a ó sọ fún yín ní ọjọ́ náà.

Ìyókù ṣì wà nínú oko, a kò tíì wọ̀n ọ́n. A kò lè sọ iye rẹ̀ dájú lónìí. A ó kọ iye náà ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n bí a ti rò ó, gbogbo àgbàdo wa kò ní ju àpò 285 lọ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Ìdí tí kò fi pé 300 ni omi tí yóò jáde lára àgbàdo bí a bá ń sá a.

A tọrọ àforíjì fún ìyípadà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì ránṣẹ́ kí ọjọ́ 15 tó pé, bóyá ẹ gba kí a kó o wá ní ìpín-ìpín.

Alága. Akọ̀wé.»

Mo kọ 90 dípò 92 kí àyè lè wà fún èyí tí ó fọ́. Ó sàn kí àpò méjì ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ju kí méjì dín nínú ohun tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di èyí tí ó jẹ́ 20 sínú àpò nítorí pé ọjọ́ ń lọ. Yóò gbóná nínú àpò, yóò sì bu. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bọwọ́ sí àárín àpò, tí ó gbóná ju ìta lọ, tàbí tí ó ń rùn bí ògiri tí omi ti wọ̀, kí wọ́n tú u síta kíákíá. Ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kì í gba èyí tí ó ti bu, nítorí májèlé tí ó máa ń wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìtọ́jú irè oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin níbẹ̀. Ẹ lè béèrè ọ̀nà tí a lè gbà mú àgbàdo gbẹ nínú òjò lọ́wọ́ wọn.

Tíṣà Omù-Àrán

Lẹ́tà yìí dára ju ohun tí èmi ìbá kọ lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ kí a ṣe àtúnṣe rẹ̀: «A ń sá a lọ́wọ́, òjò sì ń dá wa dúró» dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: «Sísá rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òjò tí ó ń rọ̀ léraléra mú kí ó pẹ́ ju bí a ti rò lọ.»

Ìyá Ìpàta

Mo fara mọ́ àtúnṣe Tíṣà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ Ọlọ́run kúrò nínú lẹ́tà. Ní Ìlọrin níhìn-ín, ẹni tí ó bá dá ọjọ́ fún mi láìfi Ọlọ́run sí i, ọkàn mi kì í balẹ̀. Kí wọ́n kọ ọjọ́ 29, kí wọ́n sì kọ «bí Ọlọ́run bá fẹ́» tẹ̀ lé e. Ọjọ́ ti wà níbẹ̀, kò ní ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Tíṣà Omù-Àrán

Bí déètì bá ti wà níbẹ̀, mo lè gbà bẹ́ẹ̀ fún olùrajà tí ẹ mọ̀ dáadáa. Fún ilé iṣẹ́ ńlá, mi ò tíì yí èrò mi padà.

Ọmọ Ọ̀fà

Mo gba ti iyọ̀ náà, ẹ ṣeun, bàbá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó ọkọ̀ kejì? Nínú àdéhùn, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa kó o, Akọ̀wé sì ti fẹ́ kó o lẹ́ẹ̀mẹ́ta báyìí. Ó yẹ kí lẹ́tà sọ pé ilé iṣẹ́ náà ni yóò san án.

Olùrajà Àtijọ́

Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú lẹ́tà yìí ni a ti ń béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ni ọjọ́ yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi owó ọkọ̀ kún un, gbogbo lẹ́tà náà yóò di ti owó, wọn kò sì ní dáhùn ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì, ìyẹn ni bóyá wọ́n gba ìpín-ìpín. Tí wọ́n bá gbà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo mọ àwọn ilé iṣẹ́ tí ó máa ń dá sí i, mo sì mọ àwọn tí kì í dá sí i rárá.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Mo ka lẹ́tà náà fún alága ní ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí mo dé orí 285, ó ní kí n dúró, ó ní ẹnu òun kò gbà á kí òun sọ fún oníbàárà pé ọjà kò ní pé. A jọ ṣe ìṣirò omi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí àpò kan ṣoṣo, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí ọjọ́ 29 di 30 nítorí pé ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ 29, awakọ̀ wa kì í sì í sí nílé ní ọjọ́ ọjà. Mo lo àtúnṣe Tíṣà, alága sì ní kí n fi «bí Ọlọ́run bá fẹ́» sí ẹ̀yìn ọjọ́ 30 náà.

Ilé iṣẹ́ náà ti dáhùn. Wọ́n gba àpò 120 fún ọjọ́ 18, wọ́n sì ní àwọn yóò gba 90 bí ẹ̀rọ àwọn bá fi 13 hàn. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìyókù tí ó wà nínú oko. Ṣé kí n kọ lẹ́tà mìíràn láti béèrè, àbí kí n dúró de ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án tí a ti dá fún wọn?

Olùrajà Àtijọ́

Ẹ dúró di ọjọ́ 2. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe ìlérí àgbàdo inú oko yẹn fún ẹlòmíràn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin náà mọ̀ pé olùrajà kò tíì sọ pé òun yóò gbà á.